Lẹ́tà sí ẹ̀yin òbí: ìdí tí ẹ̀kọ́ lọ́jíìkì fi wọ inú táímùtébù

Ẹ̀yin òbí wa,

Láti ìgbà tí táímùtébù tuntun ti dé ọwọ́ yín ni ìbéèrè ti ń wọlé. Àwọn kan fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní lọ́jíìkì, àwọn kan fẹ́ mọ iṣẹ́ tí a gé kù kí a tó rí àyè fún un. Òbí kan tiẹ̀ béèrè tààrà bóyá a fẹ́ sọ ọmọ òun di oníyàn-jíjà ni. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí kí n lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni màá máa kọ́ wọn, torí náà mo sọ ibi tí ẹ̀kọ́ yìí lágbára dé, mo sì sọ ibi tí kò dé.

Kí ni ẹ̀kọ́ lọ́jíìkì gan-an?

Ẹ̀kọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn ni. Bí a bá gbà pé ọ̀rọ̀ kìíní àti ìkejì jẹ́ òótọ́, ṣé dandan ni kí ẹ̀kẹta jẹ́ òótọ́, àbí ó kàn ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ ni? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "dandan ni" àti "ó ṣeé ṣe" ni a ó máa wá kiri ní gbogbo sáà. Kì í ṣe ohun tuntun. Ó ti lé ní 2,300 ọdún tí Aristotle, ará ilẹ̀ Gíríìsì, ti to irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ tó sì fi hàn èyí tó dúró àti èyí tí kò dúró.

A ò ní kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo la máa fi ọ̀pọ̀ àkókò wa lé lórí, ìyẹn gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "bí": bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ìyẹn á ṣẹlẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ gbólóhùn kan yẹn lẹ gbájú mọ́?

Nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣubú jù, tí àwa àgbà náà sì ń bá wọn ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan tí a máa ṣe ní kíláàsì hàn yín.

Ẹ ká gbà pé kọ́ńpáàsì ẹnìkan sọnù lórí tábìlì lákòókò ìsinmi. Ohun kan tó dá wa lójú rèé: bí ẹnìkan bá mú un, ẹni náà wà nínú kíláàsì lákòókò ìsinmi. Wọ́n wá rí i pé ọmọ kan, tí a ó pè ní Àkọ́kọ́, wà nínú kíláàsì lákòókò ìsinmi. Ṣé òun ló mú un? Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Ìgbà yẹn ni màá ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè wà níbẹ̀ lákòókò náà sílẹ̀: ẹni tó ń gbálẹ̀, àwọn tó jókòó parí iṣẹ́ àmúrelé, olùkọ́ tó padà wá mú ìwé rẹ̀. Gbogbo wọn ló bá ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ mu. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ mẹ́rin márùn-ún, ọ̀rọ̀ náà á yé wọn láìjẹ́ pé mo là á. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ọmọ mìíràn, Ìkejì, wà ní pápá ìṣeré látìgbà tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ títí ó fi parí, gbogbo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì rí i. Kò sí nínú kíláàsì. Bí òun bá ló mú un, ì bá ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe òun, ìyẹn sì dá wa lójú pátápátá. Ẹ wò ó bí gbólóhùn kan náà ṣe ní agbára láti dá Ìkejì láre, tí kò sì ní agbára láti dá Àkọ́kọ́ lẹ́bi. Bí ọmọ bá mọ ìyẹn nìkan kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, mo gbà pé iṣẹ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọ̀nà mẹ́rin péré ni èèyàn lè gbà lo gbólóhùn yìí. A lè mọ̀ pé ọmọ kan ló mú kọ́ńpáàsì, ká wá sọ pé ó wà níbẹ̀: ó dúró. A lè mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ká sọ pé kì í ṣe òun: ìyẹn náà dúró. A lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ká sọ pé òun ni: kò dúró. A sì lè mọ̀ pé kì í ṣe òun ló mú un, ká wá parí rẹ̀ sí pé kò sí níbẹ̀ nìyẹn: òun náà kò dúró. Méjì dára, méjì kò dára, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí kò dára yìí jọ àwọn tó dára bí ìbejì létí ẹni tí kò fara balẹ̀.

Ṣé kì í ṣe àṣìṣe ọmọdé lásán ni, tí wọ́n máa fi sílẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà?

Rárá o. Ní 1966, onímọ̀ nípa ìrònú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Wason, gbé ìdánwò kan jáde tó ti wá di olókìkí. Ẹ dán an wò kí ẹ tó ka ìdáhùn rẹ̀.

Káàdì mẹ́rin wà lórí tábìlì. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà lójú kan àti nọ́ńbà lójú kejì, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo lẹ ń rí. Ohun tó hàn síta ni E, K, 4 àti 7. Ẹnìkan wá ní: "Bí fáwẹ̀lì bá wà lójú kan káàdì, nọ́ńbà tó ṣeé fi 2 pín ló wà lójú kejì." Àwọn káàdì wo ló pọn dandan kí ẹ yí padà kí ẹ lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ?

Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń mú E nìkan, tàbí E àti 4. Èyí tó tọ́ ni E àti 7. E hàn kedere: bí nọ́ńbà tí kò ṣeé fi 2 pín bá wà lẹ́yìn rẹ̀, irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. 4 kò wúlò, torí ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Kò sí ẹni tó sọ pé lẹ́yìn fáwẹ̀lì nìkan ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ máa ń wà. 7 ni wọ́n ń gbójú fò, bẹ́ẹ̀ bí A bá lọ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tí Wason dán wò kì í ṣe ọmọdé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀ nínú irú ìdánwò oní-lẹ́tà-àti-nọ́ńbà yìí, àwọn tó ń gbà á kì í sábà tó ẹnìkan nínú mẹ́wàá.

Bí ẹ̀yin náà bá mú 4, ẹ má bínú. Inú ọ̀pọ̀ èrò lẹ wà.

Ṣé wọn kì í kọ́ wọn ní èyí nínú ìṣirò ni?

Wọ́n ń pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà dúró ti ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mọ̀ pé bí nọ́ńbà bá ṣeé fi 6 pín, ó ṣeé fi 2 pín. Bí ẹ bá yí i padà, pé bí ó bá ṣeé fi 2 pín, ó ṣeé fi 6 pín, 8 nìkan tó láti wó o lulẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Ibi tó ti ń dojú rú ni ibi tí yíyí padà náà ti wá jẹ́ òótọ́. Bí onígun mẹ́ta bá ní igun 90°, òfin Pythagoras sọ pé:

```
a² + b² = c²
```

Ẹ yí i padà: bí àwọn ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta bá bá ìlà yìí mu, ó ní igun 90°. Òótọ́ nìyẹn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ní. Ọmọ tó ti rí i tí èyí ṣiṣẹ́ á máa rò pé gbogbo òfin ló ṣeé yí padà bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ìṣirò kò sì ní àkókò láti máa tú u fún un ní gbogbo ìgbà. A ti jọ sọ ọ́: nígbà tí wọ́n bá dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, èmi náà á gbé e ní kíláàsì tèmi lọ́sẹ̀ kan náà.

Àwọn ọmọ ò ní máa bá wa jiyàn nílé báyìí?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, kò sì yà mí lẹ́nu. Ká má tan ara wa, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n lè máa gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ ká sọ pé ìyá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Bí o bá parí iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ, wàá jáde lọ ṣeré." Ọmọ kò parí iṣẹ́, ó bọ́ síta. Wọ́n pè é, ó ní, "Màámi, ẹ ò sọ pé bí mi ò bá parí, mi ò ní jáde." Tí a bá fi òṣùwọ̀n lọ́jíìkì gbáàtúù wọ̀n ọ́n, ọmọ náà jàre: ìyá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí, kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá parí. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohun tí ìyá ní lọ́kàn? Bí ẹnìkan bá ṣèlérí báyìí, gbogbo wa la máa ń gbọ́ "àfi bí o bá parí" pọ̀ mọ́ ọn. Ìyá kò ṣàṣìṣe, ọmọ náà kò sì ṣi í gbọ́. Ó ń dọ́gbọ́n ni.

Èyí wà lára ohun tí màá kọ́ wọn, mi ò sì ní fi í sí ìparí sáà. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun tí èèyàn sọ àti ohun tó ní lọ́kàn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà, olúwarẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dá àwọn méjèèjì mọ̀. Nínú òfin ìṣirò, nínú ìwé àdéhùn, nínú ìlànà tí a kọ sára oògùn, ohun tí a kọ gẹ́lẹ́ la máa dì mú. Láàárín ìyá àti ọmọ, ohun tí ìyá ní lọ́kàn ló lágbára. Ọmọ tó bá kọ́ apá kan tí kò kọ́ ìkejì kò tíì kọ́ lọ́jíìkì. Bí tiyín bá gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dé, ẹ bi í pé: "Nígbà tí mo sọ ọ́, kí lo gbọ́?" Á dákẹ́.

Ṣé ẹ máa kọ́ wọn láti máa ṣiyèméjì sí ohun tí wọ́n gbà gbọ́?

Rárá. Lọ́jíìkì kì í sọ bóyá ọ̀rọ̀ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ohun tó tẹ̀lé e nìkan ló mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń lo àpẹẹrẹ tó jọ àwàdà: gbogbo ẹja ló ní ìyẹ́ lápá, ajá jẹ́ ẹja, nítorí náà ajá ní ìyẹ́ lápá. Irọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ ìparí rẹ̀ tẹ̀lé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dandan. Òdìkejì rẹ̀ ló léwu jù. Gbogbo òdòdó nílò omi. Rósì nílò omi. Nítorí náà òdòdó ni rósì. Ó dùn létí, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, ìparí náà sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi màálù sí ibi tí rósì wà, ẹ ó rí ihò tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó mú wa gbà á tẹ́lẹ̀ ni pé a ti mọ̀ pé òdòdó ni rósì. Ohun tí a bá ti gbà gbọ́ ni kì í jẹ́ ká yẹ ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ wò. Fífi nǹkan mìíràn rọ́pò báyìí ni irinṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ọwọ́ wọn mọ́ jù, torí kò gba ìwé, kò sì gba àmì kankan.

Ǹjẹ́ ẹ̀rí wà pé kíkọ́ lọ́jíìkì ń mú kí èèyàn ronú dáadáa?

Ẹ̀rí tó wà kò lọ síbi kan náà, ìdáhùn yìí ló sì pinnu bí a ṣe máa kọ́ iṣẹ́ náà. Ní 1986, onímọ̀ nípa ìrònú kan, Patricia Cheng, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ìdánwò káàdì Wason dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wò kí wọ́n tó kọ́ lọ́jíìkì fún odindi sáà kan àti lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ tán. Àṣìṣe wọn kò dín kù ju nǹkan bíi 3 nínú 100 lọ. Odindi sáà! Ẹni tó bá rí ìyẹn lè sọ pé kí a pa ìwé dé.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú iṣẹ́ wọn kan náà. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé òfin nìkan fún àwọn kan, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi àpẹẹrẹ nìkan han àwọn mìíràn, òun náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Àwọn tí wọ́n fún ní òfin pẹ̀lú àpẹẹrẹ pọ̀ ni wọ́n ṣe dáadáa sí i. Ohun mìíràn tí a mọ̀ ni ti àwọn onímọ̀ nípa ìrònú méjì, Griggs àti Cox, ní 1982. Wọ́n mú ìdánwò káàdì kan náà, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọtí: bí ẹnìkan bá ń mu bíà, ó gbọ́dọ̀ ti lé ní ọdún 19. Káàdì mẹ́rin náà wá di ẹni tó ń mu bíà, ẹni tó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹni ọdún 22 àti ẹni ọdún 16. Ta lẹ máa yẹ̀ wò? Kíá lèèyàn ti ń mú ẹni tó ń mu bíà àti ẹni ọdún 16, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló sì gbà á. Àdììtú kan náà ni, aṣọ ló yàtọ̀. Èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó rú òfin. Tí ọ̀rọ̀ bá ti di lẹ́tà àti nọ́ńbà ni ọgbọ́n yẹn máa ń sá.

Torí náà, a ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì àti tábìlì òótọ́-àti-irọ́. Ọ̀rọ̀ ọtí la máa kọ́kọ́ yanjú, lẹ́yìn náà káàdì E, K, 4, 7, àwọn ọmọ á sì sọ fúnra wọn pé 7 ni ẹni ọdún 16. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òfin máa wá dé. Bí ọmọ kan bá lè ka òfin náà sórí ṣùgbọ́n tí kò lè sọ pé 7 ni ẹni ọdún 16, èmi mọ̀ pé kò tíì yé e, ohunkóhun tó wù kó kọ sínú ìwé.

Mi ò ṣèlérí fún yín pé ọmọ tó bá ṣe èyí á máa ronú jinlẹ̀ nínú ohun gbogbo. Ohun tí mo lérò ni pé yóò máa dá àṣìṣe kan yìí mọ̀ ní ibi púpọ̀: nínú sáyẹ́ǹsì, nínú ìpolówó ọjà, nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹlòmíràn.

Kí ni ẹ yọ kúrò nínú táímùtébù?

Kò sí iṣẹ́ kankan tí a yọ. Ọ̀kan nínú àkókò ìdákàwé la lò, 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan máa ń fi àkókò yẹn parí iṣẹ́ àmúrelé, torí náà èmi ò ní fún wọn ní iṣẹ́ àmúrelé kankan.

Ṣé máàkì rẹ̀ máa wọ inú èsì ìparí sáà?

Kò ní wọ̀ ọ́. Màá máa kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí inú ìwé ìròyìn ọmọ. Ẹni tó ń gbà á tẹ́lẹ̀ pé Àkọ́kọ́ ló mú kọ́ńpáàsì, tó wá ń bi mí pé "ta tún ni ó wà níbẹ̀?", máa rí i kà níbẹ̀.

Ọmọ mi kò fẹ́ràn ìṣirò. Ṣé èyí kò ní ni ín lára?

Kò jọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ní ìṣirò púpọ̀ nínú, àwọn tó fẹ́ràn ìtàn àti àríyànjiyàn náà sì lè tètè rí àpẹẹrẹ tó ń wó ọ̀rọ̀ lulẹ̀. Ohun tó ń ni àwọn ọmọ lára ni kí wọ́n sọ pé "a ò mọ̀". Wọ́n ti mọ́ra pé gbogbo ìbéèrè ilé-ìwé ló ní ìdáhùn. Nígbà tí mo bá bi wọ́n léèrè bóyá Àkọ́kọ́ ló mú kọ́ńpáàsì, ìdáhùn tó tọ́ ni pé ohun tí a mọ̀ kò tó láti sọ. Àwọn kan máa ń wò mí bíi pé mo ń fi wọ́n ṣeré ni.

Kí la lè ṣe nílé?

Ohun kan péré ni. Bí ọmọ bá sọ ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ìdánilójú, bóyá fóònù kọ̀ láti tàn, tí ọmọ náà sì sọ pé omi ló wọ inú rẹ̀ torí pé fóònù tí omi bá wọ̀ kì í tàn, ẹ má sọ fún un pé ó ṣàṣìṣe. Ẹ ní kó dárúkọ nǹkan méjì mìíràn tó lè mú kí fóònù má tàn. Bí ó bá rí wọn dárúkọ, ẹ bi í bó ṣe máa mọ èyí tó jẹ́. Á lọ fi ẹ̀rọ gba iná sí i, tàbí kó dán bátìrì mìíràn wò. Bí kò bá rí ìkankan dárúkọ, ẹ fi í sílẹ̀, bóyá omi ló wọ̀ ọ́ lóòótọ́.

Kíláàsì àkọ́kọ́ máa wáyé ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà yìí. Ìwé kékeré kan tí kò ní ìlà àti pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n nílò, torí àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa gé káàdì tí wọ́n máa lò. Ẹni tó bá ṣì ní ìbéèrè lè kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí kí ọmọ rẹ̀ gbé e padà fún mi.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ lọ́jíìkì